Wọ́n ń wo fídíò gèlè mi tán, ṣùgbọ́n wọn ò rí i wé. Kí ló kù?

Àdùkẹ́ Onígèlè (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Gèlè wíwé niṣẹ́ mi, ìyàwó àti ìyá ìyàwó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Mo máa ń gbé fídíò kéékèèké síta láti fi kọ́ àwọn èèyàn, wọ́n sì ń wò ó dáadáa. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ohun tí wọ́n ń kọ sábẹ́ rẹ̀. "Ó rẹwà o, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò, ó tú." "Ibi tẹ́ ẹ ti ń so ó lẹ́yìn ò yé mi." "Báwo lẹ ṣe di pílíìtì mú tí kò fi já bọ́?"

Bí mo ṣe ń yà á nìyí. Oníbàárà á jókòó, èmi á dúró sẹ́yìn rẹ̀. Fóònù wà níwájú wa lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, iná róbótó wà lẹ́yìn fóònù. Ṣẹ́gò aláwọ̀ wáìnì ni mo lò nínú èyí tí mo gbé síta kẹ́yìn. Mo ṣẹ́ etí rẹ̀, mo gbé e síwájú orí, mo fa ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sẹ́yìn, mo fi ẹ̀gbẹ́ gígùn ṣe pílíìtì, mo so ó, mo ṣí òkè rẹ̀, ó parí. Mo mú kí fídíò náà sáré díẹ̀ kó lè wọ ìṣẹ́jú kan. Orin ló wà lábẹ́ rẹ̀, àkọlé ni mo fi ṣàlàyé, mi ò sọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò wé gèlè rí ni mo fẹ́ kó wò ó lálẹ́ Sátidé, kó sì wé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ẹ sọ fún mi bó bá ṣe rí gan-an, ẹ má wojú mi.

Báyọ̀ Oníkámẹ́rà

Àǹtí Àdùkẹ́, eré ló fà á. Ẹ má jẹ́ kí fídíò ẹ̀kọ́ sáré rárá. Láti oṣù Ọ̀wàrà 2024 ni Yútúùbù ti gbà kí fídíò kékeré gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sídìí tẹ́ ẹ fi ní láti há gbogbo rẹ̀ mọ́ inú ìṣẹ́jú kan mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ bó ṣe ń lọ gan-an, kẹ́ ẹ sì yọ orin kúrò. Mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Màmá Tóbi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Gèlè mi máa ń gòkè lórí ni. Bí mo bá wé e kúrò nílé, á dùn ún wò, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe ìdúpẹ́ tán ó ti fà sókè, iwájú orí mi á ti yọ síta. Ṣé kí n kúkú lọ ra èyí tí wọ́n ti rán tán, téèyàn kàn ń dé bíi fìlà?

Ìyá Gèlè Ṣómólú

Àdùkẹ́ àbúrò mi, mo lọ wo fídíò náà kí n tó kọ èyí. Ọwọ́ rẹ mọ́, iṣẹ́ náà yé ọ. Ohun tí Báyọ̀ sọ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ni. Bó o bá tún fídíò yẹn yà láìsáré, tó gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọn ò ní rí i wé síbẹ̀.

Orí ẹlòmíì lo ti ń wé gèlè, orí ara rẹ̀ sì ni ẹni tó ń wò ọ́ fẹ́ wé e sí. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìwọ dúró lẹ́yìn oníbàárà, o ń fi ojú rí ìpàkọ́ rẹ̀, àyà ara rẹ lo ń fa aṣọ sí. Ẹni tó jókòó síwájú dígí nílé, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè, kò rí ẹ̀yìn orí rẹ̀, ọ̀nà tí ìka rẹ̀ ń gbà di aṣọ mú sì yàtọ̀ pátápátá sí tìrẹ. Bó bá ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe nínú fídíò gẹ́lẹ́, ó gbọ́dọ̀ tú ni. Àwọn tó bá fẹ́ di oníṣẹ́ gèlè ni fídíò tìrẹ yẹn wúlò fún. Fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, jókòó, wé e sórí ara rẹ.

Ohun kejì ni pé kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ ló ń sú ẹni tó ń kọ́ ọ. Etí ṣíṣẹ́ ní ìbú ìka mẹ́rin, kò sẹ́ni tí kò lè ṣe é. Gbígbé e síwájú orí, ìka méjì lókè ojú, kó bo ìdajì etí, ìyẹn náà rọrùn. Níbẹ̀ lo ti lè jẹ́ kó sáré bó o ṣe fẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú kò ju méjì lọ.

Àkọ́kọ́ ni pílíìtì. Bí ẹ̀gbẹ́ gígùn bá ti kọjá lẹ́yìn, tó gun orí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, tó wá bọ́ síwájú, ní ẹ̀bátí ni ọwọ́ ti ń kó aṣọ jọ. Wàá bẹ̀rẹ̀ láti etí ìsàlẹ̀, wàá ṣẹ́ ẹ ní ìbú ìka kan, wàá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí, wàá ṣẹ́ òmíràn lé e. Ohun tí ẹni tó ń kọ́ ọ kì í rí ni pé àtàǹpàkò tó tẹ̀ ẹ́ kì í kúrò. Ọwọ́ kejì ló ń lọ mú aṣọ wá. Nínú fídíò rẹ, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ ló bo ibẹ̀ látòkè délẹ̀, nítorí pé iwájú gan-an ni fóònù wà. Gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀bátí tó o ti ń ṣe pílíìtì, kí ó sún mọ́ ọ débi pé àtàǹpàkò á hàn ketekete.

Èkejì ni kókó. Ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jáde, abẹ́ rẹ̀ ni kókó gbọ́dọ̀ bọ́ sí, lókè ọrùn níbẹ̀. Bó bá jókòó sórí ìpàkọ́, gèlè á máa gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí iwájú orí á fi yọ. Màmá Tóbi, tìrẹ nìyẹn, má tíì lọ ra èyí tí wọ́n rán. Fa ẹnu méjèèjì sísàlẹ̀ kó o tó so ó, má fà á sẹ́yìn tààrà. Bó o bá so ó tán, fi ìka méjì wọ abẹ́ etí gèlè níwájú. Bí wọ́n bá wọlé wọ̀ọ̀rọ̀, ó dẹ̀, tú u. Kókó yìí kò lè hàn láti iwájú láéláé. Ẹ̀yìn ni fóònù gbọ́dọ̀ wà fún ibẹ̀ yẹn.

Ohun mìíràn, kí n má gbàgbé: Ṣẹ́gò aláwọ̀ wáìnì lábẹ́ iná róbótó! Aṣọ yẹn ń dán, iná náà sì ń lù ú látiwájú, gbogbo pílíìtì parapọ̀ di ìkan. Gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kó o jókòó kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí òjìji lè bọ́ sáàárín pílíìtì kan sí èkejì. Bó o bá sì rí gèlè tí ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ kan náà, òun ni kó o fi kọ́ni. Ẹni tó ń wò ọ́ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí aṣọ bá yí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kàmù

Mo kí gbogbo yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Mi ò mọ iṣẹ́ gèlè, mi ò mọ iṣẹ́ fídíò, akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ tiwa. Níwájú dígí ilé ìwẹ̀ ni mo máa ń dúró, fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí, aṣọ wà lọ́wọ́ mi. Bí ibì kan ò bá yé mi, kí ni mo fẹ́ fi dá fídíò dúró? Bí mo bá fọwọ́ kan fóònù, pílíìtì á já. Bí mi ò bá sì fọwọ́ kàn án, fídíò á parí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àkọlé kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, Àǹtí Àdùkẹ́, nítorí inú dígí lojú mi wà, kò sí lára fóònù. Ohùn ni mo nílò. Ẹ máa sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe bó ṣe ń ṣe é, kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀ níbi tó le, kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan, kí èmi náà lè bá yín níbẹ̀.

Báyọ̀ Oníkámẹ́rà

Ọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn yọ àkọlé kúrò o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wo fídíò nínú ọkọ̀ láìtan ohùn, àwọn ló ń pinnu bóyá àwọn á tọ́jú rẹ̀ de ilé. Ẹ kọ àkọlé sápá òkè, nítorí orúkọ yín àti àwọn bọ́tìnì máa ń bo ìsàlẹ̀ àti apá ọ̀tún. Kẹ́ ẹ sì dán irú lẹ́tà tẹ́ ẹ fẹ́ lò wò kẹ́ ẹ tó kọ gbogbo rẹ̀: ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tó rẹwà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń gé fídíò ni kò mọ ọ̀ tàbí ẹ́, àpótí òfìfo ló máa ń fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni ti ọ̀tún àti òsì. Bẹ́ ẹ bá dojú kọ kámẹ́rà, ọwọ́ ọ̀tún yín á wà lápá òsì ẹni tó ń wò yín, orí rẹ̀ á dàrú. Ẹ yí fídíò náà padà kó rí bíi dígí. Lórí fóònù Áyífóònù, ẹ wọ Settings, Camera, kẹ́ ẹ tan Mirror Front Camera. Ti Sàmúsọ́ǹgì ni Save selfies as previewed. Bẹ́ ẹ bá ti yà á tán, bọ́tìnì Mirror wà nínú CapCut. Gbogbo fídíò náà ni kẹ́ ẹ yí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìyá Gèlè Ṣómólú

Rárá, Báyọ̀, má jẹ́ kó yí gbogbo rẹ̀. Ibi tó ti dojú kọ kámẹ́rà nìkan ni yóò yí. Níbi tí kámẹ́rà ti wà lẹ́yìn, ọ̀tún rẹ̀ àti ọ̀tún ẹni tó ń wò ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà tẹ́lẹ̀. Bó bá yí ìyẹn náà, ẹ̀gbẹ́ gígùn tó wà lápá ọ̀tún níwájú á fò lọ sápá òsì bí fídíò bá ti dé ẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n á ti sọ pé kò yé àwọn.

Èmi kì í tiẹ̀ sọ ọ̀tún tàbí òsì lẹ́nu. "Ẹ̀gbẹ́ gígùn" àti "ẹ̀gbẹ́ kúkúrú" ni mo máa ń pè é. Alọ́wọ́-òsì wà nínú àwọn tó ń wò wá, ẹ̀gbẹ́ tó bá wù ú ló lè mú gùn.

Báyọ̀ Oníkámẹ́rà

Òótọ́ ni, Ìyá. Ti ẹ̀yìn yẹn, mi ò bá yín jiyàn. Ẹ ṣeun.

Àlàó Ìsẹ́yìn

Ilé aláṣọ òkè ni wọ́n bí mi sí, mo sì ń kà yín bọ̀ láti òkè. Gbogbo ohun tí Ìyá sọ yẹn, Ṣẹ́gò ló bá mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ fídíò pé Ṣẹ́gò ni, nítorí àwọn èèyàn á lọ gbé aṣọ òkè ìyá wọn jáde, wọ́n á fẹ́ fi ṣe pílíìtì oníbùú ìka kan, aṣọ náà ò sì ní gbà. Aṣọ òkè wúwo, ó nípọn, kì í ta bíi Ṣẹ́gò. Pílíìtì rẹ̀ kì í pọ̀, ó máa ń fẹ̀, àwọn ìyá wa sì ń wé e láìlo pínnì kankan. Pínnì tẹ́ ẹ ń gún káàkiri yẹn máa ń fa òwú jáde lára aṣọ òkè. Ẹni tó bá fi pínnì kọ́ gèlè, ọjọ́ tí kò bá sí pínnì, kò ní gèlè.

Ìyá Gèlè Ṣómólú

Ti aṣọ òkè, mo gbà, mi ò ní gún un. Ti Ṣẹ́gò, mi ò gbà. Ẹni tó ń wé e sórí ara rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, ọwọ́ mélòó ló ní? Pínnì kan ṣoṣo lẹ́yìn ọrùn, níbi tí ẹ̀gbẹ́ gígùn ti gun orí kúkúrú, á di ẹ̀gbẹ́ kúkúrú mú dè é, kó lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣe pílíìtì. Bó bá so ó tán, kó yọ ọ́.

Àlàó Ìsẹ́yìn

Wọn kì í yọ ọ́, Ìyá. Mo mọ̀ wọ́n. Bí aṣọ tó gun orí ara rẹ̀ bá wà ní fífà, ó ń di ara rẹ̀ mú. Fífà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́ wọn.

Àdùkẹ́ Onígèlè (Ìbàdàn)

Olúwa á ṣe é fún gbogbo yín. Ti ẹni tó jókòó àti èmi tó dúró yẹn wọ̀ mí lára, Ìyá. Mo ti ṣètò rẹ̀ báyìí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fẹ́ pín in sí fídíò méjì, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan máà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èmi ni máa wé e sórí ara mi.

Ní ti àkọ́kọ́, gèlè tó ti parí á hàn láti ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, máa sì sọ pé Ṣẹ́gò ni. Etí ṣíṣẹ́ àti gbígbé e sórí á sáré kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá méje. Láti ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ gígùn á gun orí kúkúrú, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni fóònù á wà ní ẹ̀bátí, tí máa ṣe pílíìtì mẹ́rin láìsáré, máa máa sọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń lọ: "ṣẹ́ ẹ, tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò má kúrò." Lẹ́yìn pílíìtì kejì, máa dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ẹni tó wà níwájú dígí lè bá mi. Ibẹ̀ ni yóò parí sí. Fídíò kejì á bẹ̀rẹ̀ láti kókó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kàmù

Àǹtí, ẹ dákun, ibì kan ń bà mí lẹ́rù. Bí fídíò àkọ́kọ́ bá parí sórí pílíìtì, àtàǹpàkò mi ṣì wà lórí nígbà náà, ẹ ti ní kó má kúrò. Ta ni yóò bá mi ṣí fídíò kejì?

Báyọ̀ Oníkámẹ́rà

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Ìyá Gèlè Ṣómólú

Ìbéèrè ọmọ yẹn dára. Àdùkẹ́, yí i po. Kókó ni kó o kọ́kọ́ kọ́ wọn. Fídíò àkọ́kọ́, gèlè tí kò ní pílíìtì rárá: gbé e sórí, jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ gígùn gun orí kúkúrú lẹ́yìn, mú un yí iwájú padà sẹ́yìn, fà á wálẹ̀, so ó sábẹ́ ìpàkọ́, ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́. Gèlè odindi nìyẹn, èèyàn lè fi lọ sí òde. Bó bá ti mọ ìyẹn wé fúnra rẹ̀ láìwo fóònù, fídíò kejì á kọ́ ọ ní pílíìtì, kò sì ní nílò kó o tún kókó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Báyìí, kò sí fídíò tó máa parí nígbà tí aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Báyọ̀ ń wí kò burú fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá, apá á ti ro ó kó tó dé ìdajì.

Báyọ̀ Oníkámẹ́rà

Ó dáa, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbé e síta, ẹ wọ YouTube Studio, ẹ wo ìlà tó ń fi hàn bí àwọn èèyàn ṣe ń wò ó, ibi tí wọ́n kọ Audience retention sí. Bí ìlà náà bá gòkè lójijì níbì kan, wọ́n ń padà síbẹ̀ wò ni. Ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ dùn mọ́ wọn, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni kò yé wọn. Ìlà náà kò lè sọ èwo ni. Ohun tí wọ́n bá kọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ ó fi mọ̀.

Àdùkẹ́ Onígèlè (Ìbàdàn)

Kí n tó gbé e síta, ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi kò wé gèlè rí. Máa fún un ní fóònù, gèlè àti dígí, máa jókòó sí ọ̀ọ́kán láìsọ nǹkan kan, kí n wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Màmá Tóbi

Irun dídì ló wà lórí mi báyìí, ó sì ń yọ̀. Ìyá, ṣé kókó abẹ́ ìpàkọ́ yẹn á dúró lórí rẹ̀?

Ìyá Gèlè Ṣómólú

Kọ́kọ́ fi síkáàfù dúdú tí kì í yọ̀ di irun náà mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ, má lo èyí tó ń dán. Bí irun dídì bá ti ga lẹ́yìn, kókó ò ní ríbi jókòó, kó o kó irun náà gba òkè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Pẹ́kàmù

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún. Bí pílíìtì kan bá já nígbà tẹ́ ẹ bá ń yà á, ẹ má gé e kúrò. Nínú gbogbo fídíò tí mo ń wò, tiwọn kì í já. Tèmi máa ń já, gbogbo rẹ̀ ni mo sì ń tú.

Ìyá Gèlè Ṣómólú

Má tú gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá ló já, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ. Jẹ́ kí ìyẹn bọ́, fa aṣọ náà kó tẹ́ dọ́gba, kó o tún un ṣẹ́. Bó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ pátápátá ló yọ, ìgbà yẹn ló tó tú u. Àdùkẹ́, jẹ́ kí ọ̀kan já nínú fídíò kejì, kí wọ́n rí bó o ṣe mú un padà.